Iṣẹ́ Tí Ẹ̀gbọ́n Mi Kò Ní

Máàkì 9 nínú 20 ni mo gbà nínú ìdánwò Sífíìkì sáà kejì. Olùkọ́ wa fẹ́ràn láti bi wá ní ohun tó ju ìwé wa lọ. Ó ní kí a fi àlíénéṣọ̀n àti ánómì wéra, kí a sọ èyí tó ṣàlàyé àìríṣẹ́ àwọn ọ̀dọ́ jù. Àlíénéṣọ̀n ni mo yàn. Mo kọ ọ́ pé ẹ̀gbọ́n mi, tó gboyè ní Ògbómọ̀ṣọ́ tí kò sì ríṣẹ́ láti ọdún mẹ́ta, ti di àjèjì láwùjọ. Olùkọ́ fi bírò pupa kọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ pé: "Iṣẹ́ wo ló sọ ọ́ di àjèjì?"

Inú bí mi títí mo fi tún ìwé kà. Ẹni tó níṣẹ́ lọ́wọ́ ni Káàlì Máàsì ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ ní 1844: ohun tí ẹni náà ṣe kì í ṣe tirẹ̀, òun kọ́ ló sì ń pinnu bí yóò ṣe ṣe é, títí yóò fi di àjèjì sí ara rẹ̀. Bàbá mi ń fín igbá nílé wa ní Ọ̀yọ́. Òun ló ni ọ̀bẹ rẹ̀, òun ló ń yan ọnà tí yóò fín. Owó rẹ̀ kéré, ṣùgbọ́n àlíénéṣọ̀n kọ́ nìyẹn. Ẹ̀gbọ́n mi ní tirẹ̀ kò tilẹ̀ ní iṣẹ́ tí yóò di àjèjì sí. Nígbà tí Máàsì fẹ́ sọ̀rọ̀ àìríṣẹ́ gan-an nínú ìwé rẹ̀ ti 1867, ó fi àwọn tí kò ríṣẹ́ wé ọmọ ogun tí a fi pamọ́: nítorí pé wọ́n ń dúró lẹ́nu ọ̀nà, ẹni tó wà lẹ́nu iṣẹ́ kò lè béèrè owó púpọ̀. Èyí ni ǹ bá kọ.

Ánómì ni Dọ́káìmù, ará Faransé, fi pe ìgbà tí kò sí ohun tó ń díwọ̀n ìfẹ́ ọkàn ènìyàn mọ́. Ní 1938, Mẹ́tọ̀n, ará Amẹ́ríkà, lò ó fún ohun tó jọ ilé wa: àwùjọ ń kọ́ gbogbo ọmọ láti lé ohun kan náà, ọ̀nà rẹ̀ kò sì tó wọn. Bàbá kò jẹ́ kí ẹ̀gbọ́n mi fọwọ́ kan igbá. Ọ́fíìsì ni wọ́n ní kó máa lé. Mẹ́tọ̀n ní àwọn kan yóò gba ọ̀nà ẹ̀bùrú, bíi àwọn ọmọ Yahú. Àwọn mìíràn ti sọ ìrètí nù, síbẹ̀ wọn kò fi ọ̀nà náà sílẹ̀.

Nígbà ìsinmi, mo lọ kí ẹ̀gbọ́n mi ní Ògbómọ̀ṣọ́. Gbogbo ọjọ́ Ajé ló ń wọ ṣáàtì funfun lọ fi lẹ́tà ìwáṣẹ́ sílẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé ẹ rò pé wọ́n á pè yín?"

"Rárá. Bí n kò bá lọ, kí ni mo fẹ́ sọ fún Bàbá?"

Ánómì ṣàlàyé ọjọ́ Ajé yẹn fún mi. Kò ṣàlàyé ìdí tí kò fi síṣẹ́. Àlíénéṣọ̀n náà kò ṣe é. Mo tún àròkọ náà kọ lọ́dọ̀ rẹ̀. Ó ní kí n jẹ́ kí òun ka ti àkọ́kọ́. Nígbà tó kà á tán, ó gba bírò lọ́wọ́ mi, ó pa "àjèjì láwùjọ" rẹ́, ó ní òun ni akọ̀wé ẹgbẹ́ àdúgbò.