Ẹ̀rí Mi Lórí Òrùlé Tó Na Etí

Mo fẹ́ràn òrùlé tó ga láàárín, tí etí rẹ̀ sì na jìnnà kọjá ògiri, mo sì fẹ́ràn rẹ̀ débi pé mo ti pàdánù oníbàárà nítorí rẹ̀. Àwòrán ilé ni mò ń yà jẹun. Bí ẹnì kan bá wá bá mi pé òun fẹ́ ilé tí òrùlé rẹ̀ fara pa mọ́ sẹ́yìn ògiri, èyí tí gbogbo ayé ń pè ní parapẹ́ẹ̀tì, mo máa ń jókòó tì í láti sọ ohun tí òjò ilẹ̀ wa máa fi irú ilé bẹ́ẹ̀ ṣe. Bí kò bá gbà, mo máa ń bẹ̀ ẹ́ pé kó wá ẹlòmíràn. Àwọn kan sọ pé ìgbéraga ló ń dà mí láàmú. Ẹ̀rù ló ń bà mí fún wọn.

Ilé tí wọ́n ti bí bàbá mi ṣì wà ní abúlé wa lẹ́bàá Ìjẹ̀bú-Igbó. Ògiri amọ̀ ni. Ewé gbọ̀dọ̀gì ni wọ́n kọ́kọ́ fi bo orí rẹ̀, ewé kì í sì í lè dá omi dúró pẹ́. Ohun tó ń gba ilé là ni pé kí òrùlé dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ gan-an, kí omi tètè ṣàn kúrò kó tó ráyè wọlé. Nígbà tí páànù dé, àwọn káfíńtà kan páànù mọ́ orí igi tó ti wà níbẹ̀, wọn ò bẹ́ ẹ kúrú, wọn ò sì tẹ́ ẹ. Bẹ́ẹ̀ ni òrùlé náà ṣe pa ìdagẹ̀rẹ̀ àtijọ́ mọ́, tí etí rẹ̀ sì ń bo ọ̀dẹ̀dẹ̀ yíká. Lẹ́yìn náà ni wọ́n fi yàrá kan kún un lẹ́yìnkùlé, amọ̀ ibẹ̀ kan náà ni wọ́n sì pò. Ṣùgbọ́n wọ́n bẹ́ páànù rẹ̀ sí bí ìka ọwọ́ mélòó kan sí ògiri. Ní gbogbo òjò, ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀ yẹn ń dà sílẹ̀ lẹ́sẹ̀ ògiri, ẹrẹ̀ ń ta padà sára rẹ̀, ẹsẹ̀ ògiri náà sì ń jẹ wọnú títí ó fi wó. Àwọn ògiri tó dàgbà jù ú lọ ṣì dúró lónìí. Amọ̀ kan náà, òjò kan náà, etí òrùlé nìkan ló yàtọ̀. Gbogbo ohun tí wọ́n kọ́ mi nílé ẹ̀kọ́ lórí òrùlé, ibẹ̀ ni mo ti kọ́kọ́ rí i.

Ṣé ògiri búlọ́ọ̀kù kò ní irú ìyọnu bẹ́ẹ̀? Ó ní, ó kàn ń pẹ́ kó tó hàn ni. Mo gbé nílé parapẹ́ẹ̀tì kan ní Èkó gẹ́gẹ́ bí ayálégbé. Lẹ́yìn ògiri tó bo òrùlé yẹn, páànù náà fẹ́rẹ̀ẹ́ tẹ́ pẹrẹsẹ, ó sì ń da omi sínú gọ́tà kọnkéré tó wà láàárín òun àti ògiri. Ihò kékeré méjì péré ni omi ń gbà jáde. Ewé igi máńgórò aládùúgbò dí ọ̀kan, omi gọ́tà gbé sókè, ó borí etí páànù, ó sì gba ibẹ̀ wọ àjà. Láti ìgbà náà ni mo ti mọ bí a ṣe ń fi àjà mọ ibi tí àrùn wà. Bí àbàwọ́n aláwọ̀ ilẹ̀ bá yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, tó ń nà tẹ̀ lé ògiri lọ, gọ́tà inú ni ẹ máa wò. Bó bá jẹ́ àárín yàrá ló ti yọ, ibi ìṣó tàbí ibi tí páànù méjì ti gorí ara wọn ni. Bí ọ̀dà ògiri ìta bá sì ń wú, tí èbu dúdú ń hù lábẹ́ fèrèsé, òjò tí afẹ́fẹ́ ń gbá mọ́ ògiri ni, torí kò sí etí òrùlé tó dá a dúró.

Àkókò ilé ìyá wa wá dé. Ìjẹ̀bú-Òde la fẹ́ kọ́ ọ sí, ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ló sì ń mú owó púpọ̀ jù wá. Parapẹ́ẹ̀tì lọkàn rẹ̀ wà. Ó ní, “Àbẹ̀kẹ́, kí ni a fẹ́ fi òrùlé gàgàrà ṣe? Ṣé kí àwọn èèyàn máa sọ pé ilé àwọn bàbá ńlá wa la kọ́ fún màmá ni?” Mo ní, “Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n ṣírò rẹ̀ fún yín.” Mo jẹ́wọ́ pé ọwọ́ mi ń gbọ̀n bí mo ṣe ń tẹ́ ìwé sílẹ̀, torí mi ò tíì rí ẹni tó yí ẹ̀gbọ́n mi lọ́kàn padà rí.

Mítà 9 ni ilé náà fẹ̀, ó gùn ní mítà 12, ògiri rẹ̀ sì ga ní mítà 3. Òrùlé tó dà sí ìhà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni mo yà, pé kí gbogbo ògiri ní ìbòrí. Òrùlé tó dà sí ìhà méjì nìkan máa ń fi ògiri onígun mẹ́ta méjì sílẹ̀ fún òjò, títí dé ṣóńṣó. Mo ní kí òrùlé máa ga ní sẹ̀ǹtímítà 45 fún gbogbo mítà kan tó bá wọ inú. Ẹ̀gbọ́n mi ní páànù máa jẹ owó. Ìṣirò nìyí: láti etí òrùlé dé àárín ilé, mítà 5.4 ni, torí mítà 4.5 ni ìdajì ilé, sẹ̀ǹtímítà 90 sì ni etí tó yọ síta. Bí òrùlé bá ń ga ní sẹ̀ǹtímítà 27 péré fún mítà kan, páànù tó gùn jù níbẹ̀ máa jẹ́ bíi mítà 5.6. Bó bá jẹ́ 45, mítà 5.9 ni. Nǹkan bí ọgbọ̀n sẹ̀ǹtímítà ni gbogbo ìyàtọ̀ náà. Igi ló máa pọ̀ díẹ̀ sí i, mi ò sì fi ìyẹn pa mọ́ fún un. Ohun tí a fi rà ni pé omi kì í lọ́ra lórí páànù, afẹ́fẹ́ kì í sì í rọrùn láti tì í padà sókè sí abẹ́ ibi tí páànù ti gorí ara wọn.

Mo sọ bí omi náà ṣe pọ̀ tó fún un. Ilé náà pẹ̀lú etí rẹ̀ àti ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí mo fi sí ìhà ìwọ̀ oòrùn gba nǹkan bíi mítà onígun mẹ́rin 165. Bí òjò bá rọ̀ tí ìwọ̀n rẹ̀ jẹ́ mílímítà 50, èyí tí òjò ńlá kan ṣoṣo lè rọ̀ nínú oṣù Òkúdù, ó ju líta 8,000 lọ tó máa bọ́ sórí ilé yẹn. Ó ju dúrọ́ọ̀mù 40 lọ. Ṣé inú gọ́tà kọnkéré lórí ilé ìyá wa ló fẹ́ kó gbogbo ìyẹn sí, tàbí kó jábọ́ sórí òkúta wẹ́wẹ́ nílẹ̀, jìnnà sí ògiri? Ó dákẹ́. Ó ní, “Máa bá a lọ.”

Oòrùn ni mo wá sọ̀rọ̀ lé, ibẹ̀ sì ni etí òrùlé ti fi agbára rẹ̀ hàn tó sì ti fi àìlera rẹ̀ hàn. Mo kọjú ògiri gígùn méjèèjì sí àríwá àti gúúsù. Ní oṣù Ọ̀pẹ, oòrùn ọ̀sán máa ń fì sí gúúsù, ó sì ga bí ìdá méjì nínú mẹ́ta ọ̀nà dé àtàrí. Etí òrùlé wa wà ní mítà 2.6 sókè ilẹ̀. Pẹ̀lú sẹ̀ǹtímítà 90 tó yọ, òjìji rẹ̀ ń sọ̀ kalẹ̀ lára ògiri dé bíi mítà kan sí ilẹ̀. Fèrèsé bẹ̀rẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 90, nítorí náà díẹ̀ nísàlẹ̀ ló kù fún oòrùn. Ní oṣù Òkúdù, ìhà àríwá ni oòrùn wà, ó sì ga ju ìyẹn lọ, òjìji sì bo gbogbo ògiri náà délẹ̀.

Ìwọ̀ oòrùn kò gba bẹ́ẹ̀. Nígbà tó bá kù díẹ̀ kí agogo márùn-ún ìrọ̀lẹ́ lù, oòrùn ti rẹlẹ̀ débi pé òjìji etí kan náà kò ju ààbọ̀ mítà lọ. Ó dúró gẹ́lẹ́ ní orí fèrèsé, fèrèsé náà sì gba gbogbo ooru. Bí a bá kàn fa òrùlé gùn níbẹ̀ ní ìdagẹ̀rẹ̀ kan náà, etí rẹ̀ máa rẹlẹ̀ débi tó máa gbá èèyàn lórí. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni mo fi síbẹ̀, tó jìn ní mítà 2.4, lórí òpó. Mo tẹ́ òrùlé rẹ̀ díẹ̀, sẹ̀ǹtímítà 33 fún mítà kan, kí etí rẹ̀ lè dúró ní mítà 2.2. Òjìji ibẹ̀ wá sọ̀ kọjá ìsàlẹ̀ fèrèsé. Níbi tí ìdagẹ̀rẹ̀ méjèèjì ti pàdé, mo ní kí páànù òkè gun orí ti ìsàlẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 30, torí ibẹ̀ ni omi máa kọ́kọ́ wá ọ̀nà gbà.

Ẹ̀gbọ́n mi gbà. Ó bojú wo ìwé náà pẹ́, ó ní, “Màmá máa lè jókòó níta nírọ̀lẹ́ nìyẹn.” Mo sunkún lọ́jọ́ náà, mi ò sì tijú láti sọ ọ́.

Etí gígùn ní ewu tirẹ̀, kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni yà á láìmọ̀ ọ́n. Afẹ́fẹ́ máa ń kó sábẹ́ rẹ̀ bíi sábẹ́ akẹtẹ̀. Ìjì tó ń ṣáájú òjò àkọ́rọ̀, láti oṣù Ẹrẹ́nà lọ, ìhà ìlà oòrùn ló sábà máa ń gbà dé sọ́dọ̀ wa, bó tilẹ̀ jẹ́ pé gúúsù ìwọ̀ oòrùn ni afẹ́fẹ́ òjò àárín ọdún ń gbà wá. Àwọn káfíńtà wa sábà máa ń fi ìṣó nìkan kan igi òrùlé mọ́ igi tó jókòó lórí ògiri. Mo ní kí bíríkìlà ri irin pẹlẹbẹ sínú kọnkéré orí ògiri kó tó gbẹ, kí káfíńtà sì ká irin náà gba orí igi kọ̀ọ̀kan. Mo ní kí igi tó yọ síta ní sẹ̀ǹtímítà 90 wọ inú ó kéré tán ní ìlọ́po méjì ìyẹn kó tó ní oríkèé, kí ìṣó páànù sì sún mọ́ra létí ju àárín lọ. Bàbá káfíńtà ní, “Mà, irin yìí ti pọ̀ jù.” Mo ní, “Bàbá, ẹ bá mi ṣe é.” Wọ́n ṣe é. Mo gun àkàbà lọ ka irin náà lọ́kọ̀ọ̀kan kí wọ́n tó kan àjà.

Ẹ̀gbọ́n mi ti ra ilẹ̀ tirẹ̀ ní Ìbàdàn báyìí, ó sì ní òrùlé bíi ti màmá lòun fẹ́. Ilẹ̀ náà tóóró, ojú rẹ̀ kọ sí ìwọ̀ oòrùn, fẹ́ǹsì aládùúgbò sì sún mọ́ ògiri ilé débi pé etí tó bá yọ ní sẹ̀ǹtímítà 90 máa fẹ́rẹ̀ẹ́ kàn án, omi rẹ̀ á sì máa ta sí àgbàlá onílé. Mo ti sọ fún un pé sẹ̀ǹtímítà 60 ni a máa yọ ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, pẹ̀lú gọ́tà tó so mọ́ etí níta, níbi tí ojú lè rí i bó bá dí, kí á sì fi ọ̀dẹ̀dẹ̀ jíjìn sí iwájú. Ó ń dùn ún pé yàrá kan máa kéré nítorí ọ̀dẹ̀dẹ̀ náà. Mo ṣì ń bá a sọ ọ́.