Ohun Tí Trim Ń Gé, Ohun Tí Crop Ń Gé, àti Split Tí Kì í Gé Nǹkan Kan Nù

Ọ̀pọ̀ nínú àwa àgbà ló ń fi fóònù ya fídíò báyìí, tí a sì ń tún un ṣe fúnra wa kí a tó fi ránṣẹ́ sí àwọn ọmọ. Nínú gbogbo ohun tí áàpù bíi CapCut àti InShot lè ṣe, mẹ́ta ni mo rí i pé a máa ń fi rọ́pò ara wọn: Trim, Split àti Crop. Lójú, iṣẹ́ ọ̀bẹ ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ń ṣe. Ṣùgbọ́n ohun tí Trim ń mú lọ kọ́ ni Crop ń mú lọ, Split ní tirẹ̀ kì í sì í mú ohunkóhun lọ. Ẹni tí kò bá mọ èyí lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ ba ohun tó fẹ́ fi pamọ́ fún ìran tó ń bọ̀ jẹ́.

Ẹ wo ọ̀já òfì kan tí a tẹ́ sílẹ̀ gbọọrọ. Gígùn rẹ̀ ni àkókò tí fídíò fi ń lọ, ìbú rẹ̀ sì ni àwòrán tí ojú ń rí. Trim ń gé lára orí àti ìdí òfì náà. Split ń là á ní ìbú, ó sì fi apá méjèèjì sílẹ̀ níbi tí wọ́n wà. Crop ń gé etí rẹ̀ láti orí délẹ̀: òfì náà kò kúrú, ó kàn tín-ín-rín sí i ni.

Ẹ jẹ́ kí a mú fídíò kan tí irú rẹ̀ wọ́pọ̀. Ìyá àgbà kan jókòó ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ń ki oríkì ìdílé fún àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀. Ìṣẹ́jú 6 ni fídíò náà, a sì dá fóònù dùbúlẹ̀ nígbà tí a ń yà á, nítorí náà ìbú àwòrán rẹ̀ jẹ́ píksẹ́lì 1920, gíga rẹ̀ sì jẹ́ 1080. Láti ìbẹ̀rẹ̀ títí dé 0:25, ilẹ̀ lásán ni a ń rí, ẹni tó ń yà á ṣì ń gbé fóònù sípò. Láti 5:40 dé òpin, ọwọ́ tó ń bọ̀ wá pa fóònù ló bo ojú àwòrán. Ní 2:10, fóònù ẹlòmíràn dún, màmá dákẹ́, kò sì tún bẹ̀rẹ̀ títí di 2:50. Ní apá ọ̀tún, bùkẹ́ẹ̀tì ìfọṣọ kan wà níbẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Trim ló yẹ fún orí àti ìdí. Bí áàpù kan kò bá tilẹ̀ kọ Trim sójú, ẹ tẹ fídíò náà kí ìlà yí i ká, kí ẹ wá fa etí òsì rẹ̀ wọlé títí dé 0:25, kí ẹ sì fa etí ọ̀tún wọlé títí dé 5:40. Ohun tó lọ ni àkókò, àwòrán àti ohùn inú àkókò náà sì jọ lọ. Ìṣẹ́jú 5 àti ìṣẹ́jú-àáyá 15 ló kù. Ẹ má fa á kan ẹnu ọ̀rọ̀ gan-an. Ẹ fi èémí díẹ̀ sílẹ̀ ṣáájú ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́, nítorí bí a bá gé e sún mọ́ jù, ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ náà á di gbígbémì, olùgbọ́ kò sì ní mọ orúkọ tí màmá kọ́kọ́ pè.

Ti ààrin ni Trim kò lè ṣe, nítorí etí nìkan ni ọwọ́ rẹ̀ dé. Bí a bá ń fa etí ọ̀tún wọlé láti lọ bá dídún fóònù yẹn, gbogbo oríkì tó tẹ̀lé e la ó fà dànù. Ibí ni Split ti wúlò. Ẹ rántí pé lẹ́yìn tí a ti yọ ìṣẹ́jú-àáyá 25 lórí, nọ́ńbà ti yí padà: ibi tó jẹ́ 2:10 tẹ́lẹ̀ ti di 1:45, 2:50 sì ti di 2:25. Ẹ gbé ọ̀pá tó dúró lójú fídíò sí 1:45, kí ẹ tẹ Split. Ẹ gbé e sí 2:25, kí ẹ tún tẹ̀ ẹ́. Bí ẹ bá wo fídíò náà báyìí, kò sí ohun tó yí padà, fóònù yẹn ṣì ń dún. A ti pín in sí mẹ́ta ni, a kò tíì yọ nǹkan kan. Ìgbà tí ẹ bá tẹ apá ààrin, tí ẹ sì tẹ Delete, ni ìṣẹ́jú-àáyá 40 yẹn tó lọ, tí apá kẹta á sún wá lẹ̀ mọ́ ti àkọ́kọ́. Ìṣẹ́jú 4 àti ìṣẹ́jú-àáyá 35 ló kù. Orí màmá lè fò díẹ̀ níbi tí wọ́n ti pàdé. Èyí kì í ṣe àbùkù, ohun tí gígé ààrin máa ń fà ni.

Bùkẹ́ẹ̀tì ló kù. Kò sí ìgbà kan tí a lè gé kí ó lọ, torí gbogbo ìgbà ló wà níbẹ̀. Crop ló ni iṣẹ́ yìí. Bí a bá dín àwòrán náà kù sí 1600 lọ́nà 900, bùkẹ́ẹ̀tì á jáde, ìṣẹ́jú-àáyá kan kò sì ní dín. Ohùn náà kò ní dín pẹ̀lú: bí ẹnìkan bá ń fọ aṣọ nídìí bùkẹ́ẹ̀tì yẹn, a ó ṣì máa gbọ́ ọ. Ìnáwó rẹ̀ ni pé nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́wàá àwòrán ti lọ, èyí tó kù ni áàpù á sì fẹ̀ kí ó lè kún ojú fóònù. Ní ìwọ̀n yìí, ojú kò ní fura. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá fi Crop sọ ọ́ di olóòró, 9:16, nǹkan bí 608 péré ló máa kù nínú 1920 ìbú náà. Ìdá méjì nínú mẹ́ta àwòrán ti lọ nìyẹn, àwọn ọmọ-ọmọ tó jókòó yí màmá ká á sì bá a lọ. Bí ẹ bá rí i tí etí gèlè àti ìlà ojú ń ṣú bàìbàì, ẹ ti gé e jù.

Ẹ ṣe Crop kí ẹ tó ṣe Split. Apá tí ẹ bá tẹ̀ nìkan ni Crop ń bá wí. Bí a bá ti pín fídíò sọ́tọ̀, bùkẹ́ẹ̀tì lè lọ nínú apá kan kí ó sì yọjú nínú èkejì.

Ohun kan tún wà tó yẹ kí a mọ̀. Nínú áàpù bíi CapCut, ohun tí a gé kò tíì parun: bí a bá fa etí tí a fi Trim gé padà síta, ilẹ̀ lásán yẹn á tún hàn. Fídíò tuntun tí Export bá gbé jáde ni kò ní í nínú. Lórí iPhone, bí ẹ bá fa etí fídíò nínú Photos, ó máa bi yín bóyá Save Video ni tàbí Save Video as New Clip. Ẹ mú èkejì, kí ti àkọ́kọ́ lè dúró gedegbe.

Nítorí náà, kí ọwọ́ yín tó kan bọ́tìnnì kankan, ẹ bi ara yín: ṣé ìgbà kan ni ohun tí mo fẹ́ yọ wà, àbí ibì kan? Bí ó bá jẹ́ ìgbà, tó sì wà létí, Trim ni. Bí ó bá wà láàárín, Split lẹ́ẹ̀mejì, kí Delete tẹ̀lé e. Bí ó bá jẹ́ ibì kan lójú àwòrán, Crop ni. Ẹ má sì pa ojúlówó fídíò rẹ́ nínú fóònù, nítorí ohùn àgbà tí a bá gé sọnù kò ṣeé ní kí ó tún sọ nígbà tí kò bá sí mọ́.