Ajá Ni Ó Sọ Ọ́

Ní Ṣakí, 10 ni mo máa ń fún ohùn, 10 fún ètò, 10 fún àrà tuntun. Ọmọ kan kọ ìtàn ìjàpá àti ajá tí wọ́n jí iṣu wà. Olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi ní òdo ni àrà tuntun rẹ̀, ìtàn àtijọ́ ni. Mo kọ̀. Ajá tó sá là ni ọmọ náà fi ọ̀rọ̀ sí lẹ́nu: 8. Àbí ọdẹ àti iwin kò ti wà kí Fágúnwà tó fi wọ́n sẹ́nu Àkàrà-oògùn nínú ìwé ọdún 1938? Ohùn gba 7, nítorí lópin, ajá ń wàásù bí tíṣà. Ètò gba 4: ìlà kìíní ti sọ pé ọwọ́ tẹ ìjàpá, kí ni a tún ń retí? Àpapọ̀, 19.