Ẹni tó ń lọ ẹ̀gẹ́ àti ẹni tó ń yan gàrí

Màmá kan wà ní Òtu tó ní ibùdó gàrí. Wọ́n ní kí n bá àwọn ṣe nǹkan kan sórí fóònù tí wọn á fi máa ṣírò owó òṣìṣẹ́, torí ìwé àkọsílẹ̀ wọn ti ń dàrú. Kọ̀ǹpútà ni mo kà, iṣẹ́ mi sì nìyẹn, nítorí náà mo ní kí wọ́n kọ́kọ́ ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ń sanwó fún oníkálukú. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti di ńlá.

Ọmọkùnrin tó ń lọ ẹ̀gẹ́ lórí ẹ̀rọ ń gba owó ojúmọ́. Bí ẹ̀rọ bá bàjẹ́, tó jókòó di ìrọ̀lẹ́, owó rẹ̀ pé. Àwọn obìnrin tó ń yan gàrí ń gbowó lórí iye bàsíà tí wọ́n bá yan. Bí ẹ̀rọ bá bàjẹ́, kò sí ẹ̀gẹ́ lílọ̀, kò sí bàsíà, kò sí owó. Ní ọjọ́ tí iṣẹ́ bá tiẹ̀ wà dáadáa, owó ọ̀pọ̀ nínú wọn kì í tó ti ọmọkùnrin yẹn.

Mo bi Màmá pé kí ló fà á. Wọ́n ní, "Òun ló mọ ẹ̀rọ. Yíyan gàrí, obìnrin wo ni ò mọ̀ ọ́n?"

Gbólóhùn yẹn ni gbogbo ọ̀rọ̀. Ọmọkùnrin náà kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ ọ̀gá kan, gbogbo èèyàn sì mọ̀ pé ó kọ́ ọ. Àwọn obìnrin náà kọ́ tiwọn lẹ́yìn ìyá wọn, kò sì sí ọjọ́ kankan tí wọ́n ṣe fúrídọ̀ọ̀mù. Àmọ́ ẹ lọ dúró nídìí agbada. Wọ́n á kọ́kọ́ jọ ẹ̀gẹ́ tí jáàkì ti fún, wọ́n á máa da díẹ̀díẹ̀ sínú agbada kó má baà dì. Bí iná bá pọ̀ jù, òde á jóná, inú á tutù. Bí iná bá kéré, á máa lẹ̀ mọ́ra wọn. Ọwọ́ ni wọ́n fi ń mọ̀ pé ó ti gbẹ, àti etí, torí gàrí tó gbẹ máa ń dún bí wọ́n bá ń rò ó. Gàrí tí ò gbẹ délẹ̀ á bu nínú àpò, oníbàárà á sì gbé e padà wá. Èéfín ńkọ́? Ẹ má jẹ́ ká sọ̀rọ̀ èéfín.

Iṣẹ́ méjèèjì ò jọra. Báwo wá ni èèyàn ṣe lè sọ pé wọ́n níye lórí bákan náà? Wọ́n ti ṣe é rí ní kóòtù, lórí ọ̀rọ̀ obìnrin alásè kan. Julie Hayward ni orúkọ rẹ̀, ó ń dáná fún àwọn òṣìṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ Cammell Laird tó ń kan ọkọ̀ ojú omi ní Birkenhead, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ní 1984, nígbà tí òfin ibẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà kí èèyàn fi iṣẹ́ rẹ̀ wé iṣẹ́ tí ò jọ ọ́, ó ní iṣẹ́ òun níye lórí tó ti ọkùnrin akunlé, ti káfíńtà àti ti ẹni tó ń fi nǹkan bo páìpù kí ooru má baà jáde.

Kóòtù yan onímọ̀ kan tí kì í ṣe ti apá kankan. Ẹni yìí ò fi ọbẹ̀ wé pákó. Orí márùn-ún ló yẹ̀ wò nínú iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan: agbára tó ń gbà, bí ibi iṣẹ́ ṣe rí, ètò àti ìpinnu, ìmọ̀, àti ojúṣe. Ó wo èyí tó kéré, èyí tó wà láàárín àti èyí tó pọ̀, ó sì rí i pé ti alásè tó tiwọn.

Èmi náà gbìyànjú rẹ̀ lórí ìwé kan pẹ̀lú Màmá, a ń fún oríkọ̀ọ̀kan ní máàkì láti 1 dé 5. Lórí agbára, ìpinnu àti ìmọ̀, a fún àwọn méjèèjì ní 3, 3. (Lórí ìmọ̀, a kọ́kọ́ jiyàn títí.) Ibi iṣẹ́: ẹni ẹ̀rọ gba 3 nítorí ariwo, ẹni agbada gba 4 nítorí iná àti èéfín. Ojúṣe: ẹni ẹ̀rọ gba 4, torí ẹ̀rọ wọ́n, ẹni agbada gba 3. Àpapọ̀ jẹ́ 16 sí 16.

Màmá ní ojúṣe ṣe pàtàkì jù, ká ka tirẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ó di 20 fún ẹ̀rọ, 19 fún agbada. Mo ní ó dáa, ká fi ojúṣe sílẹ̀, ká ka ibi iṣẹ́ lẹ́ẹ̀mejì. Ó di 20 fún agbada, 19 fún ẹ̀rọ. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Kò sí ẹni tó yí iṣẹ́ kankan padà o, ìwọ̀n nìkan la yí. Ẹni tó bá fẹ́ fi ètò báyìí rẹ́ obìnrin jẹ kò nílò irọ́ kankan: kó ṣáà ka owó ẹ̀rọ sí ojúṣe, kó má ka gàrí odindi àpò kan tó lè bàjẹ́ sí i. Ìdí nìyí tó fi yẹ kí wọ́n fẹnu kò lórí ìwọ̀n kí ẹnikẹ́ni tó rí máàkì.

Nàìjíríà kì í ṣe àlejò nínú irú ìṣirò yìí. Ìgbìmọ̀ Olóyè Jerome Udoji ló to iṣẹ́ ìjọba sí lẹ́fẹ́ẹ̀lì 01 dé 17 ní 1974, tí àwọn dókítà àti ẹnjiníà sì fárígá pé wọn ò gbé àwọn sí ibi tó yẹ. Ọdún yẹn kan náà ni Nàìjíríà fọwọ́ sí Àdéhùn 100 ti àjọ òṣìṣẹ́ àgbáyé, tó ti wà láti 1951, tó ní kí ọkùnrin àti obìnrin gba owó kan náà fún iṣẹ́ tó níye lórí bákan náà. Àmọ́ òfin ilẹ̀ wa ti 1999, ní abala 17, sọ pé owó kan náà fún *iṣẹ́ kan náà* ni. Ẹ wo bí ọ̀rọ̀ kékeré yẹn ṣe ti àwọn alágbada síta: ta ni ọkùnrin tó ń yan gàrí tí wọ́n fẹ́ fi wọ́n wé? Abala yẹn tún wà lára àwọn èyí tí èèyàn ò lè torí ẹ̀ pe ìjọba lẹ́jọ́ bẹ́ẹ̀ ṣáá. Àtúnṣe òfin tó jáde ní 2011 ló fún kóòtù ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ ti ìjọba àpapọ̀ láyè láti lo àdéhùn tí Nàìjíríà bá ti fọwọ́ sí. Ṣùgbọ́n kí ẹjọ́ tó lè wà, ó yẹ kí ẹnì kan ṣoṣo máa sanwó fún àwọn tí wọ́n ń fi wéra. Ní ọ̀pọ̀ ibi tí wọ́n ti ń ṣe gàrí, ẹni tó ni ẹ̀rọ ló ń sanwó fún ẹni ẹ̀rọ, ẹni tó ni ẹ̀gẹ́ ló ń sanwó fún alágbada. Ọ̀dọ̀ Màmá yìí yàtọ̀ ní tiẹ̀, torí àwọn ló ni méjèèjì.

Wọ́n ní èsì kan tí mi ò lè fọwọ́ rọ́ sẹ́yìn: ẹni tó lè tún ẹ̀rọ ṣe ò pọ̀ ní Òtu, bí wọn ò bá san iye yẹn, á gba Ìsẹ́yìn lọ. Òótọ́ ni. Kóòtù gan-an máa ń gba irú èsì bẹ́ẹ̀ bó bá jẹ́ ohun tó fa ìyàtọ̀ owó náà nìyẹn, tí kò sì ní ọwọ́ akọ tàbí abo nínú. Àmọ́ àìpọ̀ ẹni tó mọ ẹ̀rọ ò ṣàlàyé ìdí tí alágbada fi ń lọ sílé lọ́wọ́ òfo lọ́jọ́ tí ẹ̀rọ bàjẹ́.

"Mo máa ń fún wọn ní gàrí tí wọ́n ń gbé relé," ni Màmá wí. "Ẹ ò ka ìyẹn ni?"

Ohun tí Cammell Laird sọ gan-an nìyẹn. Wọ́n ní Hayward ní àkókò oúnjẹ tí wọ́n ń sanwó fún, ìsinmi àti owó àìsàn rẹ̀ sì dáa ju ti àwọn ọkùnrin náà lọ, kí wọ́n kó gbogbo rẹ̀ pọ̀ kí wọ́n tó wọ̀n ọ́n. Ní 1988, ilé ẹjọ́ tó ga jù níbẹ̀ nígbà náà kọ̀. Wọ́n ní ohun kọ̀ọ̀kan nínú àdéhùn iṣẹ́ ni kí wọ́n fi wé ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, kí owó dúró sí ìdí owó.

Mo sọ ọ́ fún Màmá. Wọn ò dáhùn lọ́jọ́ yẹn. Nígbà tí mo fi ètò náà ránṣẹ́, wọ́n pè mí pé kí n fi àyè kan kún un, fún ọjọ́ tí ẹ̀rọ bá bàjẹ́: iye kan pàtó fún alágbada kọ̀ọ̀kan tó bá wá síbi iṣẹ́. Kò tó ti ẹni ẹ̀rọ. Owó bàsíà ò yí padà. Mo fi àyè náà sí i.