Kí Ló Kọ Síbẹ̀ Gan-an?

Ọjọ́ Ajé kan, kò tíì ju aago mẹ́wàá àárọ̀ lọ, màmá tó ń dúró ní káńtà ilé oògùn kan n'Íbàdàn pè wá. Àwa mẹ́ta la kọ ètò tí wọ́n fi ń forúkọ àwọn oníbàárà wọn sórí kọ̀ǹpútà, torí náà àwa náà ni wọ́n ń pè tó bá ti ń ṣe ségesège.

"Ẹ̀yin ọmọ kọ̀ǹpútà, nǹkan yín ti tún bẹ̀rẹ̀ o. Mo ti ya fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ sí yín."

A wo Wasáàpù, fọ́tò kankan ò wọlé. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ọ̀dọ̀ wọn lè gbé ọ̀rọ̀, kò lè gbé àwòrán. A ní, "A ò rí i, mà. Kí ló sọ?"

"Ó ní oníbàárà yẹn ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Irọ́ ló sì ń pa, torí òní ni bàbá yìí kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ wa."

Ohun tí a gbọ́ yẹn ló ṣì wá lọ́nà. A ti ṣe é nínú ètò náà pé ènìyàn méjì ò gbọdọ̀ lo nọ́ńbà fóònù kan. Bí wọ́n ṣe ní "ti wà tẹ́lẹ̀" báyìí, nọ́ńbà fóònù lọkàn wa lọ. A wá nọ́ńbà bàbá náà pẹ̀lú 0 níwájú, a wá a pẹ̀lú +234, a wá a bóyá ẹnì kan fi àlàfo sáàárín rẹ̀. Ọ̀kan nínú wa tiẹ̀ ń rò ó pé bóyá ọmọ bàbá ló ti fi nọ́ńbà náà forúkọ sílẹ̀. Wákàtí kan lọ báyẹn.

Ìgbà tó sú wa la bẹ màmá pé kí wọ́n fi ọ̀rọ̀ tó wà lójú kọ̀ǹpútà ránṣẹ́ bó ṣe wà gẹ́lẹ́. Wọ́n ní máòsì ò mú un. Òótọ́ ni, àpótí kékeré tí Windows fi ń sọ̀rọ̀ kì í jẹ́ kí ènìyàn fi máòsì fa ìlà sí ọ̀rọ̀ inú rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí àpótí náà bá wà níwájú, tí ẹ di `Ctrl` mú, tí ẹ tẹ `C`, gbogbo ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ ti di kíkọ́pì nìyẹn, bí kò tilẹ̀ fi àmì kankan hàn. Wọ́n ṣe é, wọ́n lẹ̀ ẹ́ sórí Wasáàpù. Ó wọlé kíá:

```
duplicate key value violates unique constraint "customers_pkey"
DETAIL:  Key (id)=(6) already exists.
```

A wo ara wa. Orúkọ òfin tó ń ṣọ́ nọ́ńbà fóònù ni `customers_phone_key`. `customers_pkey` yìí ń ṣọ́ nǹkan mìíràn, ìyẹn nọ́ńbà tí dátábéèsì fúnra rẹ̀ ń fún oníbàárà kọ̀ọ̀kan. Màmá ò tẹ 6 síbì kankan. Dátábéèsì ló ń mú nọ́ńbà ẹlòmíì fún bàbá.

A bi wọ́n pé, "Mà, ṣé ẹ̀ẹ̀mẹfà lẹ ti gbìyànjú ẹ̀?"

"Ta ló sọ fún yín?"

Ohun tó ṣẹlẹ̀ rèé. Ní Sátidé, a kó orúkọ oníbàárà 2,318 láti inú kọ̀ǹpútà àtijọ́ wọn sínú dátábéèsì tuntun, tòun ti nọ́ńbà tí oníkálùkù ti ní. Nínú PostgreSQL, òǹkà tó ń pín nọ́ńbà wà lọ́tọ̀ sí ìwé tí orúkọ wà. Tí a bá kó orúkọ wọlé pẹ̀lú nọ́ńbà wọn, òǹkà yẹn ò ní mọ̀. Orí 1 ló ṣì dúró sí. Ní gbogbo ìgbà tí màmá bá tẹ̀ ẹ́, ó máa mú nọ́ńbà kan, nọ́ńbà náà á ti ní olówó, ìforúkọsílẹ̀ á kùnà. Ṣùgbọ́n òǹkà kì í padà sẹ́yìn nítorí pé iṣẹ́ kùnà, ìdí nìyẹn tó fi dé orí 6. Bí wọ́n bá ní sùúrù, ìgbà 2,319 ni ì bá gbà!

Ìlà kan la fi tún un ṣe, láti sún òǹkà dé ibi tí nọ́ńbà tó ga jù wà:

```
SELECT setval('customers_id_seq', (SELECT max(id) FROM customers));
```

Bàbá gba 2319, wọ́n ra oògùn wọn, wọ́n lọ.

Màmá ò ṣìtumọ̀ o. `already exists` náà ni "ti wà tẹ́lẹ̀." Ohun tí wọ́n fò ni ọ̀rọ̀ tó wà láàárín àmì àyọlò àti nọ́ńbà inú àkámọ́, àwọn ibi tí ẹnikẹ́ni tí kì í ṣiṣẹ́ yìí máa fò. Àwa tí a gbé irú gẹ̀ẹ́sì bẹ́ẹ̀ síwájú wọn la jẹ̀bi. Ní báyìí, Yorùbá ló kọ́kọ́ ń jáde, ọ̀rọ̀ dátábéèsì sì wà nísàlẹ̀ rẹ̀, pẹ̀lú bọ́tìnnì tí wọ́n lè fi kọ́pì í.

A tún sọ fún wọn pé tí nọ́ńbà fóònù ẹnikẹ́ni bá hàn nínú àkámọ́ yẹn, kí wọ́n fi x rọ́pò díẹ̀ nínú rẹ̀ kí wọ́n tó fi ránṣẹ́, kí wọ́n má fọwọ́ kan ìyókù. Kí wọ́n sì fi ìlà kan sọ ohun tí wọ́n tẹ̀ kó tó jáde, torí ìyẹn ò sí nínú ohun tí wọ́n máa kọ́pì.

Aago mẹ́ta ọ̀sán ni fọ́tò náà tó wọlé. Ìmọ́lẹ̀ ojú fèrèsé ti bo ìlà kejì.