Kì í ṣe ẹ̀wà ló ń wú inú mi

Ẹ gbọ́ o. Nígbà tí mo wà ní Pọ́lì Ìlaròó, ikùn mi máa ń le bí ìlù ní gbogbo alẹ́, ìsó ò sì jẹ́ kí n lè jókòó ti èèyàn. Ẹ̀wà ni mo dá lẹ́bi. Mo pa á tì fún ọ̀sẹ̀ kan, kò yí padà.

Ìyá mi ní Ayétòrò bi mí lórí fóònù: "Kí lo fi ń mu gààrí?"

"Mílíìkì ni, Màmá. Ọ̀rá kékeré méjì."

"Yọ mílíìkì yẹn kúrò ná."

Mo yọ ọ́ fún ọjọ́ 5, n ò yí nǹkan mìíràn padà. Inú mi rọ̀ wọ̀ọ̀. Ṣúgà kan wà nínú mílíìkì tí inú ọ̀pọ̀ àgbàlagbà nílẹ̀ wa kì í lè dà. Tó bá dé ìfun ńlá, àwọn kòkòrò ibẹ̀ á jẹ ẹ́, wọ́n á sì tú afẹ́fẹ́ jáde.

Ẹ̀pà ni mo fi ń mu gààrí báyìí. Wàrà àwọn ìyá Fúlàní ò yọ mí lẹ́nu, torí púpọ̀ nínú ṣúgà yẹn ti bá omi tí wọ́n sẹ́ dànù lọ. Mo ti padà sídìí ẹ̀wà náà: mo ń rẹ ẹ́ mọ́jú, mo ń da omi rẹ̀ nù, mi ò sì kánjú gbé e mì mọ́. Ìkánjú náà ń kó afẹ́fẹ́ síkùn.

Àmọ́ tí inú bá wú, tí ẹ ń bì, tí ẹ ò lè ṣu tàbí só, tàbí tí ẹ̀jẹ̀ wà nínú ìgbẹ́, ẹ gbàgbé gààrí. Ọsibítù ni kíá.