Ọ̀rọ̀ Ọ̀rẹ́ Ọkọ

  

Lálẹ́ Ọjọ́bọ̀ kan, ọmọ ojúlùmọ̀ mi wá bá mi nílé. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ tímọ́tímọ́ fẹ́ gbéyàwó ní Bódìjà lọ́jọ́ Sátidé, òun ni wọ́n sì ní kó sọ̀rọ̀ kí wọ́n tó gbé ife sókè fún tọkọtaya, èyí tí àwọn ọmọ ìwòyí ń pè ní tóòsì. Ìyá ọkọ ò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, torí náà Yorùbá ló fi kọ ọ́. Bébà mẹ́ta ló kún. Ó ní, "Bàbá, ẹ bá mi wò ó bóyá àmì ohùn ẹ̀ péye."

Mo ní kó kà á sí mi létí, mo sì wo aago. Ìṣẹ́jú mẹ́sàn-án ló gbà á. Ìyàwó mi tó jókòó tì wá ti sùn lọ kó tó parí bébà kejì.

N ò lè fi ọmọ yẹn ṣe yẹ̀yẹ́, torí ó ti ṣẹlẹ̀ sí èmi náà. Ní ọdún 1989, ọ̀rẹ́ tí a jọ jáde ilé ìwé girama gbéyàwó, a sì ṣe àríyá rẹ̀ ní Dùgbẹ̀. Èmi ni mo sọ̀rọ̀. Mo kọ ọ́ sínú bébà gígùn, mo kà á láti òkè dé ìsàlẹ̀, n ò gbójú sókè lẹ́ẹ̀kan. Nígbà tí mo ní kí wọ́n gbé ife, àwọn èèyàn ń bára wọn tàkúrọ̀sọ, wọn ò tiẹ̀ mọ̀ pé mo ti parí. Ọ̀rẹ́ mi ní, "O ṣé, ó dáa." Ó ti di ará ọ̀run báyìí. Ohun tí mo fẹ́ sọ fún un lọ́jọ́ náà, bébà ni mo sọ ọ́ fún.

Nítorí náà, a fi àmì ohùn sílẹ̀. Mo gba bébà lọ́wọ́ ọmọ náà, mo bi í pé, "Kí ló ṣe fún ẹ tí o ò lè gbàgbé?" Ó wolẹ̀, ó wá bẹ̀rẹ̀ ìtàn kan nípa owó ilé. Mo ní kó dúró, kó tan fóònù ẹ̀ kó máa gbohùn sílẹ̀, kó wá sọ ọ́ fún èmi àti ìyá ẹ tó ti jí. Nígbà tó sọ ọ́ tán, a gbọ́ ọ padà, a sì kọ ohun tí ẹnu ẹ̀ sọ gan-an sílẹ̀. Iṣẹ́ náà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí nìyẹn. Ẹni tó bá kọ́kọ́ jókòó ti gègé, èdè ìwé ló máa kọ. Ẹni tó bá kọ́kọ́ sọ ọ́ fún èèyàn, ẹnu ẹ̀ á fún un ní gbólóhùn.

A wá gbé méjèèjì síra. Nínú bébà, ó kọ ọ́ báyìí: "Ọkùnrin yìí jẹ́ ẹni tí ó ní ìwà ọ̀làwọ́, ìfaradà àti ìfọkàntán, gẹ́gẹ́ bí mo ti sọ lókè, ẹni tí ó ràn mí lọ́wọ́ ní àkókò ìṣòro." Mo ní kó kà á láìmí. Kò lè kà á dópin. Mo bi í pé, "Níbo ni òkè tó o ní o ti sọ ọ́?" Ẹni tó ń kàwé lè ṣí ojú ewé padà, ẹni tó ń gbọ́ ò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Bí nǹkan bá ṣe pàtàkì, kó tún un sọ. Ọ̀làwọ́ àti ìfaradà náà, gbogbo ọkọ ìyàwó ni wọ́n ń sọ ọ́ fún. Kò sẹ́ni tó máa rántí ẹ̀.

Nínú fóònù, "tí ó ní" ti di "tó ní". "Kò sí" ti di "ò sí". Dípò "ó san owó náà", ẹnu ẹ̀ sọ pé, "òun ló san án." Bí Yorùbá bá fẹ́ tẹnu mọ́ nǹkan, iwájú la ń gbé e sí. Kò dìgbà tá a bá fàlà sábẹ́ ẹ̀.

Kí a tó gba ìtàn náà wọlé, mo bi í bóyá yóò dójú ti ẹnikẹ́ni. Ó ní òun nìkan ni. Mo ní kò burú. Bí ìtàn bá máa tini lójú níbi ìgbéyàwó, kó jẹ́ ẹni tó ń sọ ọ́ ló máa tì lójú. Ìtàn àwọn ọmọbìnrin tí ọkọ ti fẹ́ rí tó wà nínú bébà kẹta, a yọ ọ́.

Bí ọ̀rọ̀ náà ṣe wá rí nìyí:

"Ẹ̀yin ìyá wa, ẹ̀yin bàbá wa, mo kí yín. Ìtàn kan ṣoṣo ni mo ní. Ní Agbówó, yàrá kan lèmi àti ọkọ ìyàwó jọ ń gbé. Lọ́dún kan, owó ilé tó kàn mí, kò sí lọ́wọ́ mi. N ò sọ fún un. Ojú ń tì mí. Mo ń dirù mi lálẹ́ ọjọ́ kan, ló bá wọlé. Ó wo báàgì. Kò bi mí níbi tí mò ń lọ. Ó ní, 'Ṣé o ti jẹun?' A jọ mu gààrí. Nígbà tó di ọjọ́ kejì, n ò rí jẹnẹrétọ̀ ẹ̀ mọ́. Òun ló tà á. Òun ló fi sanwó ilé mi. Àbẹ́là ló fi kàwé ìdánwò. Títí dòní, kò sọ ọ́ fún ẹnì kankan. Èmi ni mò ń sọ ọ́. Ìyàwó wa, ẹni tẹ́ ẹ fẹ́ nìyẹn. Bó bá dákẹ́, ẹ wò ó dáadáa, ó lè jẹ́ pé oore ló ń ṣe lọ́wọ́. Ẹ̀yin èèyàn wa, ẹ dìde. Ẹ gbé ife yín sókè. Ọkọ àti ìyàwó!"

Kò tó ìṣẹ́jú méjì. Ọ̀rọ̀ púpọ̀ kò kún agbọ̀n. Ẹ ṣàkíyèsí pé dídìde ló ṣáájú, ife tẹ̀ lé e, tọkọtaya ló gbẹ̀yìn. Bí a bá pe tọkọtaya kí àwọn èèyàn tó dìde, ariwo àga ló máa bò ó mọ́lẹ̀.

Ó fẹ́ há a sórí. Mo ní rárá. Àwa awo ń há ẹsẹ Ifá sórí, a kì í sì í yí i padà. Nígbà tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Wándé Abímbọ́lá tilẹ̀ kó o sínú ìwé ní 1968, "Ìjìnlẹ̀ Ohùn Ẹnu Ifá" ló pè é. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ọdún la fi ń kọ́ ọ. Ẹni tó fi ọjọ́ méjì há ọ̀rọ̀ sórí, bí ọ̀rọ̀ kan bá jábọ́, gbogbo ẹ̀ ló máa dúró. Èyí tó lè yá lọ́dọ̀ wa ni ọ̀nà tí ẹsẹ Ifá ń gbà rìn: ta ló wá, kí ló dé bá a, kí ló ṣe, báwo ló ṣe já sí. Ó kọ ọ̀rọ̀ márùn-ún sára páálí kékeré: Agbówó, báàgì, jẹnẹrétọ̀, ìyàwó, ife. Gbólóhùn ìbẹ̀rẹ̀ àti ti ìparí nìkan ló há sórí.

Lọ́jọ́ Sátidé, mo jókòó sẹ́yìn. Ó gbàgbé gààrí. Kò sẹ́ni tó mọ̀. Nígbà tó dé "òun ló tà á", ó wo ojú ọ̀rẹ́ ẹ̀, ọkọ ìyàwó sì tẹrí ba. Mo gbọ́ tí ìyá ọkọ ní, "Mi ò mọ̀ rí o."

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, mo lọ sílé ọ̀rẹ́ mi. Mo pe àwọn ọmọ ẹ̀ jókòó, mo sọ ohun tí bàbá wọn ṣe fún mi kó tó di ọdún 1989. N ò mú bébà dání.

Àbọrú, àbọyè, àbọṣíṣẹ.